Ilé ìwé wa fẹ́ pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì: ṣé oṣù tí ìyàwó mi ti fi dúró á bá a lọ?

Tíṣà Òkè-Fìà | 4 Dìsẹ́ḿbà 2025, 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ilé ìwé àdáni kan ní Òkè-Fìà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìnṣọ́ránsì ìlera wa á parí ní 31 Jánúárì 2026, ọ̀gá wa sì ti ní ilé-iṣẹ́ mìíràn la máa lọ bá láti 1 Fẹ́búárì. Ìyàwó mi lóyún, 20 Máàṣì ni wọ́n dá fún un. Ètò àtijọ́ ní kéèyàn dúró oṣù mẹ́wàá kí wọ́n tó san owó ìbímọ, ti tuntun ní oṣù méjìlá. Ṣé wọ́n á ka èyí tó ti dúró mọ́ ọn lọ́wọ́, àbí a tún máa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun?

Ìyá Ìbejì Ìgbọ̀nà | 4 Dìsẹ́ḿbà, 8:40 alẹ́

Ẹ kú oríire oyún, Tíṣà. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀. Ìyẹn ò le rárá. Èmi náà pààrọ̀ ọsíbítù lọ́dún tó kọjá, nítorí ibi tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi jìnnà sílé. Mo kàn lọ sí ọ́fíìsì wọn, mo kọ orúkọ ọsíbítù tuntun sínú fọ́ọ̀mù, nígbà tó máa fi di oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti gbé mi lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí n tún dúró.

Tíṣà Òkè-Fìà | 4 Dìsẹ́ḿbà, 8:51 alẹ́

Ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì. Kì í ṣe ọsíbítù là ń pààrọ̀, mà. Ọsíbítù kan náà ni ìyàwó mi á máa lọ, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì méjèèjì ló ń bá a ṣe. Ẹni tó ń sanwó fún ọsíbítù náà gan-an ló ń yí padà.

Àkànní Ọjà-Ọba | 4 Dìsẹ́ḿbà, 9:20 alẹ́

Ẹ fọkàn balẹ̀, Tíṣà. Òfin ti wà lórí ẹ̀. Òfin ìnṣọ́ránsì ìlera tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti ní ìnṣọ́ránsì. Bó bá ti jẹ́ dandan, wọn ò lè ní kí aboyún máa dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lọ sọ fún wọn pé òfin ló ní kí wọ́n gbà á.

Nọ́ọ̀sì Mẹ́líbọ̀n | 4 Dìsẹ́ḿbà, 11:05 alẹ́

Ọmọ Alékúwodò ni mí, Ọsirélíà ni mo wà báyìí. Òótọ́ lohun tí Àkànní sọ níbi tí mo wà, mo sì ti lò ó. Òfin wọn ti ọdún 2007 ló dè wọ́n. Oṣù méjìlá ni wọ́n ń dúró fún ìbímọ níbí. Téèyàn bá ti dúró tán lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, tó wá lọ sí òmíràn lórí ètò tí kò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn ò gbọdọ̀ ní kó tún dúró. Bó bá dúró oṣù méje péré, márùn-ún ló kù fún un. Ìwé ẹ̀rí kan wà tí ilé-iṣẹ́ àtijọ́ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí tuntun, ọjọ́ tó wọlé, ètò tó wà lórí ẹ̀ àti ọjọ́ tó kúrò ló máa ń wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ètò tuntun bá ga ju ti àtijọ́, ó máa dúró fún ibi tó fi ga yẹn. Mi ò mọ bí ti ilé ṣe ń lọ ní tiyín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe é níbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Alágbàtà Ọlá-Ìyá | 5 Dìsẹ́ḿbà, 6:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Iṣẹ́ alágbàtà ìnṣọ́ránsì ni mò ń ṣe, mo sì ti gbé ilé ìwé àti ilé ìwòsàn kéékèèké bíi mélòó kan láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, dandan tí òfin 2022 sọ ni pé kéèyàn ní ìnṣọ́ránsì. Oṣù tí ẹnì kan ti fi dúró lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, ìwé àdéhùn tí ilé ìwé bá ilé-iṣẹ́ tuntun fọwọ́ sí ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa kà á. Bí Tíṣà bá lọ fi òfin halẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n á kàn ní kó ṣí ojú ìwé àdéhùn han àwọn ni. Ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ, ti ibẹ̀ ni, àmọ́ ọgbọ́n inú ẹ̀ wúlò fún wa: ìwé ẹ̀rí yẹn, àti pé oṣù tó kù nìkan lèèyàn máa dúró.

Àwọn ilé-iṣẹ́ níbí máa ń gbà láti ka oṣù àtijọ́ fún àwọn tó bá wá lẹ́gbẹ́ẹ̀gbẹ́, pàápàá nígbà tí wọ́n ṣì ń wá ojúrere ilé ìwé. Téèyàn bá dá nìkan wá, ó ṣòro kí wọ́n tó gbà. Ìgbà tó yẹ kí ẹ béèrè ni kí owó tó jáde lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé, ẹ ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́ tí ẹ lè fi dúnàádúrà.

Tíṣà, ẹ dá mi lóhùn ohun kan kí n tó tẹ̀ síwájú. Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ sórí káàdì ìyàwó yín? Kì í ṣe káàdì tiyín o.

Tíṣà Òkè-Fìà | 5 Dìsẹ́ḿbà, 1:30 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Èmi wà lórí ẹ̀ láti 1 Fẹ́búárì 2025. Oṣù Éépírì la ṣègbéyàwó, wọ́n wá fi orúkọ ìyàwó mi kún un. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú káàdì ẹ̀ jáde báyìí nínú ọ̀rá tí a ń kó ìwé àyẹ̀wò oyún sí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni 01-05-2025.

Alágbàtà Ọlá-Ìyá | 5 Dìsẹ́ḿbà, 7:15 alẹ́

Ìdí tí mo fi béèrè nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka oṣù láti ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ wọlé, wọ́n á gbàgbé pé ti ìyàwó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí orúkọ tirẹ̀ wọ ìwé. Tó bá jẹ́ tiyín, ẹ ti pé ọdún kan gbáko ní 31 Jánúárì. Tirẹ̀, láti 1 Méè títí di 31 Jánúárì, oṣù mẹ́sàn-án ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ sí i. Ká ní ẹ ò kúrò níbi tí ẹ wà, oṣù kan péré ló kù nínú mẹ́wàá, 1 Máàṣì ni ilẹ̀kùn á ṣí fún un, ọmọ sì ń bọ̀ ní 20 Máàṣì. Ó bọ́ sí i. Tí ẹ bá lọ sí ibi tuntun tí wọn ò ka nǹkan kan, 1 Fẹ́búárì 2027 ni. Tí wọ́n bá wá sọ pé àwọn á ka oṣù tó ti dúró, inú yín á dùn, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: oṣù méjìlá ni tiwọn, mẹ́sàn-án kúrò nínú méjìlá, ó ku mẹ́ta. Fẹ́búárì, Máàṣì, Éépírì. 1 Méè 2026 ni ilẹ̀kùn á ṣí. Ọmọ á ti pé ogójì ọjọ́ nígbà yẹn.

Ibi tí wọ́n ti máa ń rẹ́ni jẹ láìparọ́ nìyí. Wọ́n ní àwọn á ka oṣù yín, wọ́n sì kà á lóòótọ́, síbẹ̀ owó ìbímọ kò ní jáde. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá yín máa kọ sí wọn kò gbọdọ̀ mọ sórí “ẹ ka oṣù àtijọ́”. Kó ní kí iye oṣù tí ètò àtijọ́ béèrè ló máa de ẹni tó ti wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn mẹ́wàá, kí méjìlá wọn wà fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé lẹ́yìn 1 Fẹ́búárì. Nígbà náà, 1 Máàṣì náà ló máa jẹ́.

Nọ́ọ̀sì Mẹ́líbọ̀n | 5 Dìsẹ́ḿbà, 10:22 alẹ́

Alágbàtà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fojú iṣẹ́ tèmi wò ó. 20 Máàṣì jẹ́ ogójì ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógójì máa pé ní 27 Fẹ́búárì, ọmọ tó bá sì wá láti ìgbà yẹn lọ, kò tètè wá jù. Obìnrin púpọ̀ ló ń bí kí ọjọ́ tí a dá fún wọn tó pé. Tí ìyàwó Tíṣà bá bí ní 27 tàbí 28 Fẹ́búárì, ọjọ́ kan tàbí méjì péré ló máa fi pàdánù gbogbo ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìṣirò yín dúró lórí 20 Máàṣì nìkan.

Alágbàtà Ọlá-Ìyá | 6 Dìsẹ́ḿbà, 7:03 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Mi ò ronú débẹ̀. Ká ní ẹ dúró sí ibi àtijọ́ pàápàá, ọjọ́ méjì yẹn ì bá ṣì ṣẹlẹ̀ sí yín. Ìyẹn ló jẹ́ kó tọ́ kí ọ̀gá yín kọ́kọ́ béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí wọ́n má fi ìdúró kankan sí i fún gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé àtijọ́ títí di 31 Jánúárì. Wọ́n lè kọ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí oṣù mẹ́wàá.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn ilé ìwé kì í rántí. Ẹ lè bẹ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ pé kí wọ́n fi oṣù mẹ́ta kún un fún yín títí di 30 Éépírì, kí ilé ìwé san owó oṣù mẹ́ta yẹn nìkan, kí ẹ tó ṣí lọ. Mi ò ní kí ẹ dúró títí di òpin Máàṣì, nítorí oyún míì máa ń kọjá ọjọ́ tí a dá fún un. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gbogbo ilé ìwé ló máa dúró nítorí èèyàn kan, ọ̀gá yín ló sì máa pinnu bóyá ó tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ṣọlá | 6 Dìsẹ́ḿbà, 9:37 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí débi pé mo ní láti kọ tèmi sí i. Ìpá ló ń yọ mí lẹ́nu. Ètò wa ìgbà yẹn ní kéèyàn dúró oṣù mẹ́fà kó tó ṣe iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe ti pàjáwìrì. Mo dúró oṣù mẹ́jọ, mo ti yege. Dókítà dá ọjọ́ fún mi. Kó tó di ọjọ́ náà, ibi iṣẹ́ wa kó wa lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn. Gbogbo ẹnu ni wọ́n fi sọ fún wa ní ìpàdé pé ohunkóhun kò ní yí padà. Nígbà tí mo dé ọsíbítù, wọ́n béèrè ìyọ̀ǹda, èsì tó padà wá ni pé mi ò tíì lo oṣù kan.

Mo lọ bá wọn. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ yí kọ̀ǹpútà ẹ̀ sí mi, ó ní kí n fojú ara mi rí i. Orúkọ wa ló tò sókè sísàlẹ̀, iwájú orúkọ gbogbo wa pátá ni ọjọ́ kan náà wà, ọjọ́ tí a dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó ti ń bọ̀ láti ọdún mẹ́ta àti ẹni tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ lánàá, ọjọ́ kan náà. Owó ara mi ni mo fi ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Títí di òní, kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ padà fún mi.

Alágbàtà Ọlá-Ìyá | 6 Dìsẹ́ḿbà, 12:10 ọ̀sán

Bàbá Ṣọlá, ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ló máa ń ṣẹlẹ̀ jù lọ. Kì í ṣe pé wọ́n ti jókòó pinnu láti rẹ́ yín jẹ. Fáìlì Excel tí wọ́n ń fi orúkọ òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ ní ibi tí wọ́n máa kọ ọjọ́ ìwọlé sí, akọ̀wé ibi iṣẹ́ á kọ ọjọ́ ètò tuntun sí àkọ́kọ́, á wá fà á wá sílẹ̀ dé orúkọ tó gbẹ̀yìn. Láti ìgbà yẹn, ohun tí kọ̀ǹpútà wọn mọ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń fún ọsíbítù ní ìyọ̀ǹda kò sí ní ìpàdé tí wọ́n ti ṣèlérí. Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ló ń kà.

Tíṣà, ìwé méjì ni kí ẹ gbà. Àkọ́kọ́, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́, lórí ìwé wọn tó ní orúkọ wọn lókè, tó to orúkọ olúkúlùkù, ọjọ́ tí ó wọlé, ètò tí ó wà lórí ẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí. Ẹ tètè béèrè rẹ̀ kí Dìsẹ́ḿbà tó tán. Tí ẹ bá ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, kò ní sí ẹni tó kù tó máa kánjú nítorí yín. Èkejì, kí ilé-iṣẹ́ tuntun fi ọ̀rọ̀ kíka oṣù náà sínú ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀, tàbí lẹ́tà àfikún tí wọ́n fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ lórí Wasáàpù kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fún ọsíbítù ní ìyọ̀ǹda.

Lẹ́yìn ìyẹn, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ Fẹ́búárì, ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín pè wọ́n pẹ̀lú nọ́ḿbà káàdì tuntun, kó béèrè ọjọ́ tó wà níwájú orúkọ òun. Tí wọ́n bá ní 01-02-2026, wọn ò tíì gbé lẹ́tà náà wọlé. Ẹ tètè bá wọn ṣe é nígbà náà, ẹ má dúró di ìgbà tí ó bá ń rọbí.

Ẹ tún bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé kí owó tètè lọ. Tí ètò àtijọ́ bá parí ní 31 Jánúárì, tí owó tuntun wá wọlé ní 12 Fẹ́búárì, àlàfo ti wà níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ míì á ní àlàfo yẹn ti já okùn, pé oṣù mẹ́sàn-án ti dòfo.

Àkànní Ọjà-Ọba | 6 Dìsẹ́ḿbà, 3:44 ọ̀sán

Mo gbà pé mo ṣi òfin yẹn gbọ́, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Kí ló dé tí Tíṣà máa fi sọ fún wọn pé ìyàwó òun lóyún? Kó kàn fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kó dákẹ́.

Alágbàtà Ọlá-Ìyá | 6 Dìsẹ́ḿbà, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ká ní fọ́ọ̀mù béèrè, tó sì dákẹ́. Ìwé àyẹ̀wò oyún tí ọsíbítù máa fi béèrè owó ní iye ọ̀sẹ̀ nínú. Èèyàn kan ló máa kà á, á rí i pé oyún náà ti wà kó tó di Fẹ́búárì. Nígbà yẹn, wọ́n lè fagi lé gbogbo ètò obìnrin náà, títí kan ti ọmọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oṣù mẹ́sàn-án tó ti dúró ni ẹ̀tọ́ tó ní. Tó bá fi oyún pa mọ́, báwo ló ṣe máa tún wá fi oṣù yẹn jà? Kó sọ ọ́, kó sì fi káàdì 01-05-2025 tì í lẹ́yìn: nígbà tí oyún dé, ó ti wà lórí ètò.

Ìyá Ìbejì Ìgbọ̀nà | 6 Dìsẹ́ḿbà, 8:02 alẹ́

Ẹ má bínú pé mo kọ́kọ́ ṣi ìbéèrè gbọ́. Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ látàárọ̀. Ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Ètò tí mo wà lórí ẹ̀ báyìí, àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún náírà ni wọ́n máa ń san fún ìbímọ. Ọ̀rẹ́ mi ní òun mọ ibì kan tí wọ́n ti ń san ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ẹgbẹ̀rún. Tí mo bá lọ síbẹ̀, tí wọ́n ka oṣù mi, ṣé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ni mo máa gbà?

Alágbàtà Ọlá-Ìyá | 6 Dìsẹ́ḿbà, 9:16 alẹ́

Bí wọ́n bá kà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń ṣe é, àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún ni oṣù tí ẹ ti dúró máa ṣí fún yín, nítorí iye tí ẹ dúró fún nìyẹn. Àádọ́jọ tó kù lókè ẹ̀, ẹ máa dúró fún un lákọ̀tun. Ohun kan náà ni Nọ́ọ̀sì sọ nípa ọ̀dọ̀ wọn, pé ibi tó fi ga ni wọ́n máa ń dúró fún. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye náà síwájú yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Tíṣà Òkè-Fìà | 17 Jánúárì 2026, 4:55 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ Alágbàtà sórí ìwé, mo gbé e lọ bá ọ̀gá wa. Ó kọ̀ láti fi oṣù mẹ́ta kún ti àtijọ́, ó ní owó iléèwé kò tíì wọlé. Àmọ́ ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tuntun. Wọ́n kọ̀ láti yọ ìdúró kúrò pátápátá. Wọ́n gbà pé oṣù mẹ́wàá ló máa de gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé àtijọ́, wọ́n sì ti fi í sínú lẹ́tà àfikún, mo ti rí i, wọ́n fọwọ́ sí i. Lẹ́tà ilé-iṣẹ́ àtijọ́ náà ti dé, 1 Méè 2025 ló wà níwájú orúkọ ìyàwó mi. Ọ̀gá wa ní owó á lọ ní 26 Jánúárì.

Ó wá ku 27 àti 28 Fẹ́búárì tí Nọ́ọ̀sì sọ. Mo ti ní kí ọ̀gá tún béèrè bóyá wọ́n lè fi ọjọ́ díẹ̀ jì wá tí ọmọ bá tètè dé, wọn ò tíì fèsì. Mo ti ń fi owó díẹ̀ pamọ́ lọ́wọ́ ara mi nítorí ọjọ́ méjì yẹn.

Bàbá Ṣọlá | 17 Jánúárì, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Inú mi dùn sí èyí gan-an, Tíṣà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ Fẹ́búárì, ẹ jọ̀wọ́, kí ìyàwó yín pè wọ́n kó béèrè ọjọ́ yẹn. Tí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi ni.

Nọ́ọ̀sì Mẹ́líbọ̀n | 17 Jánúárì, 11:48 alẹ́

Tíṣà, ẹ sọ fún un kó máa mú lẹ́tà àfikún àti káàdì méjèèjì lọ sí àyẹ̀wò láti ìsinsìnyí, kí nọ́ọ̀sì tó ń kọ orúkọ fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì ẹ̀ ní ọsíbítù. Òru ni ọmọ máa ń dé, ọ́fíìsì ìnṣọ́ránsì sì ti máa ń tì nígbà yẹn.